Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Elùbọ́ Kan Náà, Èrè Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ wo obìnrin méjì tí ń ta elùbọ́ ní Ọjà'ba, n'Ìbàdàn. Bẹyẹrúnká ni àwọn méjèèjì ń gbé. Àwọn méjèèjì ń tètè jí, àwọn méjèèjì sì mọ ọjà tà. Síbẹ̀ ọ̀kan ń lówó sí i, èkejì kò kúrò lójú kan. Àwọn ènìyàn ní èkejì kò mọ owó tọ́jú. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Iye owó tí a óò dá yìí, a kàn mú un kí ìṣirò lè rọrùn ni. Kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà.

Èkíní ní ₦40,000 lọ́wọ́. Ó fi ra odindi àpò elùbọ́ kan. Kóńgò 40 ni àpò náà, nítorí náà ₦1,000 ni kóńgò kan dúró lé e lórí. Ó ń tà á ní ₦1,200. Bí ó bá ta kóńgò 10 lóòjọ́, ó jèrè ₦2,000.

Èkejì kò ní owó àpò. Láràárọ̀ ni ó ń gba kóńgò 10 láwìn lọ́wọ́ alápò, ní ₦1,100 kóńgò kan, á sì san owó náà ní ìrọ̀lẹ́. Òun náà kò lè tà ju ₦1,200 lọ, nítorí oníbàárà á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èrè tirẹ̀ jẹ́ ₦1,000. Ìdajì èrè rẹ̀ ti lọ sọ́wọ́ alápò, nítorí pé kò ní owó lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ikùn kì í mọ̀ pé èrè kéré. Ká ní ₦900 ni oúnjẹ ilé kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. ₦1,100 ló kù fún èkíní, ₦100 péré ló kù fún èkejì. Bí èkejì yóò bá kó owó àpò jọ, ọjọ́ 400 ni. Ọdún kan kọjá nínú ìyẹn. Bí ibà bá mú ọmọ, tí oògùn sì gba ₦5,000, èkíní á rí owó náà padà láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ti èkejì jẹ́ ìfipamọ́ àádọ́ta ọjọ́. Ibà kan náà ni o!

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí ó bá kó ₦20,000 jọ, kò tíì rí nǹkan kan jẹ nínú rẹ̀, nítorí alápò oko kò ní tú àpò fún un. Àfi kí owó náà pé. Kì í ṣe òmùgọ̀ bí ó bá fi owó náà ra aṣọ iléèwé ọmọ.

Àwọn bàbá wa mọ irú ìdè yìí. Samuel Johnson kọ nípa ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tí ó yá owó á máa ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ náà ni èlé. Bó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ pẹ́ tó, owó tí ó yá kò dín. Àkókò tí ìbá fi wá owó tí yóò san, iṣẹ́ olówó ni ó fi ń ṣe.

Ọ̀nà àbáyọ wo ló wà? Alájọ á tọ́jú ₦100 ojoojúmọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n á mú owó ọjọ́ kan lóṣù. Ọjọ́ 400 yóò sì tún gùn sí i. Èésú yàtọ̀. Bí ogún obìnrin bá ń dá ₦100 lóòjọ́, ₦2,000 ni. Ní ogúnjọ́, ó pé ₦40,000, ẹnì kan á kó o. Ẹni ìkẹyìn nìkan ló máa dúró ọjọ́ 400. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń gbà sí èésú? “Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò bá wọn dá a?” “Ọmọ mi, wọn ò gbà mí. Wọ́n ní bí àìsàn bá dé, n ò ní lè dá a.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí èésú ìbá ràn lọ́wọ́ jù ni ẹrù ń bà wọ́n láti gbà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà á, ipò ìkẹyìn ni wọ́n á fún un.

Nítorí náà, kí a tó pe ẹnì kan ní ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í pé: èló lo fi ra ọjà?

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ló dé tí èrè èkejì fi jẹ́ ìdajì ti èkíní?
2. Bí oúnjẹ bá di ₦1,000 lóòjọ́, èló ni èkejì yóò máa fi pamọ́?
3. Kí ló dé tí iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín owó tí ó yá kù?
4. Bí ẹ bá ń dá èésú, ta ni ẹ óò kọ́kọ́ kó o fún? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.