"Mo Ti Gba Ibòmíràn, Mà": Bí A Ṣe Ń Kọ Iṣẹ́ Láì Ba Àárín Jẹ́

Ní sáà tó kọjá, iṣẹ́ méjì ló wá bá mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èkíní jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé aládàáni kan ní ọ̀nà Ìba, tí ọ̀kadà kan ṣoṣo ń gbéni dé láti géètì yunifásítì wa ní Ọ̀jọ́. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ ní iléeṣẹ́ kékeré kan ní Ìkẹjà, tí wọ́n gbà kí n máa ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ nínú yàrá mi ní Òkòkòmáíkò. Ìtumọ̀ ni ọkàn mi fẹ́, òun ni mo sì mú. Mímú un kò le rárá. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá tó pè mí síṣẹ́ ní Ìba ló le.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dára. Nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù, mi ò lè la ẹnu sọ fún àgbàlagbà pé mi ò ṣe. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò, màá pè yín padà." Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n wá bá òun lọ síbi ìnáwó, ìdáhùn yẹn ti tó. Yóò mọ̀ pé mi ò lọ, kò sì ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá olùkọ́ kò lè máa fi ìtumọ̀ wá ìtumọ̀. Ìyá náà dì mí ní àyè mú. Wọ́n sọ fún olùdásílẹ̀ ilé-ìwé pé àwọn ti rí ẹnì kan, wọ́n sì dá ẹlòmíràn padà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí. "Ọmọ mi, ṣé o ń bọ̀ ni àbí o ò bọ̀?" Ohùn wọn ti yàtọ̀.

Nínú kíláàsì ìlò-èdè la ti ka iṣẹ́ tí Beebe, Takahashi àti Uliss-Weltz ṣe lórí kíkọ̀ ní ọdún 1990. Wọ́n pín ohun tí ènìyàn ń sọ nígbà tó bá ń kọ nǹkan sí ọ̀nà mẹ́ta: kíkọ̀ gbangba, kíkọ̀ ẹ̀bùrú bí àwáwí àti "ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn", àti àwọn àfikún bí ọpẹ́ àti ìyìn, tí kò lè dá kíkọ̀ jẹ́ bí a bá sọ ọ́ lóun nìkan. Mo fi èyí yẹ gbólóhùn mi wò. Àfikún kan wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùrú kan wà níbẹ̀. Kíkọ̀ gan-an kò sí. Mo ti gba máàkì dáadáa nínú kọ́ọ̀sì yẹn o, mi ò kàn rántí lò ó ni.

Ó kù kí n mọ irú gbólóhùn tí máa fi kọ ọ́ gbangba láì rí àgbà fín. Wúnrẹ̀n kékeré ló yanjú rẹ̀. Bí mo bá ní, "mi ò lè gba iṣẹ́ yìí", ọ̀rọ̀ agbára ni, ẹni tó bá fẹ́ràn mi yóò sì fẹ́ bá mi mú ìdíwọ́ náà kúrò. Bí mo bá ní, "mi ò ní í gbà á", ó ti le jù lẹ́nu ọmọ ọdún méjìlélógún. "Mi ò ní lè gbà á" ló wà láàárín: ó parí ọ̀rọ̀, kò sì dún bí ìwọ̀sí. Lẹ́yìn náà ni "ti", tí í fi hàn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. "Mo fẹ́ gba iṣẹ́ mìíràn" ṣì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìdúnàádúrà. "Mo ti gba iṣẹ́ mìíràn" ti tì í.

Ìdúnàádúrà yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé gbogbo ìdí tí a bá sọ ni ẹnìkejì lè ná. Bí o bá ní owó ọkọ̀ ló dí ọ lọ́wọ́, wọ́n lè fi owó ọkọ̀ kún un. Bí o bá ní àkókò ni, wọ́n á ní kó o máa wá ní ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n bá ti yanjú ìdí rẹ, tí o ṣì ní o kò ṣe, ìgbà yẹn gan-an ni o di onírọ́. Nítorí náà, ìdí kan ṣoṣo ni kó o sọ, kó jẹ́ òtítọ́, kó sì jẹ́ èyí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àléébù iṣẹ́ wọn. Má dárúkọ iye tí ibòmíràn fẹ́ san, àyàfi tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lo fẹ́ kí wọ́n fi kún un.

Ṣùgbọ́n má tíì kọ ọ̀kan kí lẹ́tà èkejì tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu láti Ìkẹjà kò tó fún mi. Mo dúró títí mo fi rí owó oṣù àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú ìwé, mo sì fọwọ́ sí i. Bí ibi tí o fẹ́ kọ̀ bá ń bèèrè èsì kí ó tó dé, ọjọ́ kan pàtó ni kó o bẹ̀bẹ̀ fún: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè fún mi títí di Ọjọ́bọ̀?" Kó o sì pè ní Ọjọ́bọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé o ti fọwọ́ sí lẹ́tà tiwọn ńkọ́? Ìyẹn ti kúrò ní kíkọ̀, ó ti di yíyẹ àdéhùn. Lọ ka ohun tí lẹ́tà náà sọ nípa fífi iṣẹ́ sílẹ̀ kó o tó gbé fóònù.

Ní ọjọ́ tí ìwé Ìkẹjà dé, mo pe ìyá náà. Mo tọrọ àforíjì fún dídá tí mo dá wọn dúró, mo sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, mo sì jẹ́ kí wọ́n bá mi wí. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi ímeèlì tẹ̀ lé e. Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́. Bó ṣe lọ ní Yorùbá nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ fi iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá lọ̀ mí. Mi ò ní lè gbà á, nítorí pé mo ti gba iṣẹ́ ìtumọ̀ tó bá ohun tí mo ń kà mu. Mo mọ̀ pé ẹ ti di àyè mú fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìdádúró náà. Ìbéèrè tí ẹ bi mí nípa bí mo ṣe máa kọ́ ọmọdé ní àmì ohùn ṣì wà lọ́kàn mi. Bí ẹ bá fẹ́, akẹgbẹ́ mi kan tó fẹ́ràn kíkọ́ ọmọdé ti gbà kí n fi orúkọ òun ránṣẹ́ sí yín."

Kíyè sí i pé gbólóhùn kẹta ni kíkọ̀ wà. Ìyá náà nìkan kọ́ ni yóò ka ímeèlì yìí. Wọ́n ní láti fi han olùdásílẹ̀ kí wọ́n lè ṣàlàyé ìdí tí àyè fi ṣófo. Bí ọpẹ́ bá kún ojú ewé kan kí ọ̀rọ̀ tó jáde, àwọn ni o fún níṣẹ́. Gbólóhùn nípa àmì ohùn kò sì ṣeé dà kọ sí ibòmíràn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti àwọn ni. Akẹgbẹ́ mi náà, mo kọ́kọ́ bi í léèrè. Fífi orúkọ ẹni tí kò mọ̀ sílẹ̀ yóò kàn sọ ìjákulẹ̀ kan di méjì ni.

Ìyá náà kò dáhùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò tún pè. Ní ọjọ́ karùn-ún, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí Wásáàpù: "Mo ti rí i. Ní kí ọ̀rẹ́ ẹ wá ní Ọjọ́rú, agogo mẹ́wàá. Kó má pẹ́ o." Ó débẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀.