Omi Ẹ̀gẹ́ àti Adágún Ẹja: Bí Aládùúgbò Méjì Ṣe Lè Dúnàádúrà Parí Ìjà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí máa ń dé ọ́fíìsì wa nígbà òjò. Ìyá kan ń ṣe gaàrí. Bí ó bá ti di ẹ̀gẹ́ rírìn sínú àpò, tí ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀, omi rẹ̀ a máa ṣàn gba gọ́tà kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọkùnrin kan gbẹ́ adágún ẹja sí. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kan, gọ́tà kún, omi ẹ̀gẹ́ wọ adágún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹja ti léfòó. Ẹni tó bá mọ omi ẹ̀gẹ́ kò ní béèrè ohun tó pa wọ́n: oró wà nínú rẹ̀, bí ó sì ti ń bà jẹ́ nínú omi ni ó ń gba èémí mọ́ ẹja lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà wí pé, “Ìyá, ẹ ti kó mi sí gbèsè.” Ìyá dáhùn pé, “Ọmọ mi, gọ́tà yìí ti ń ṣàn kí o tó gbẹ́ adágún rẹ. Ṣé kí n máa kó omi gaàrí sórí ni?”

Ọ̀pọ̀ wa ni yóò yára sọ pé ìyá ló jẹ̀bi, kí ó sanwó ẹja. Ẹ jẹ́ kí á rọra. Bí a bá ní kí ìyá dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, òun ni a pa lára. Bí a bá ní kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, ẹlẹ́ja ni a pa lára. Ká ní kò sí adágún níbẹ̀, omi ẹ̀gẹ́ náà ìbá ṣàn lọ láìpa ẹja kankan. Iṣẹ́ méjì tó pàdé lójú kan náà ló bí ìjà. Ìbéèrè tí ó wúlò jù ni pé: ọ̀nà wo ni yóò ná àwọn méjèèjì ní owó tó kéré jù?

Ẹni tí ó gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ jùlọ ni Ronald Coase, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1960 ni ó kọ ọ̀rọ̀ náà jáde, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1991. Ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ kò ní ṣòro fún wa rárá, nítorí ọ̀rọ̀ odó àti ọmọ odó ni.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, oníṣúìtì kan wà tí ó ní odó ńlá méjì nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ọ̀kan ti wà lójú kan fún ohun tó lé ní 60 ọdún, èkejì fún ohun tó lé ní 26 ọdún. Dókítà kan wá ń gbé ní ilé tí ó fi ẹ̀yìn kan tirẹ̀. Ọdún mẹ́jọ kọjá, kò sí ìjà. Lẹ́yìn náà ni dókítà kọ́ yàrá àyẹ̀wò sí ìpẹ̀kun ọgbà rẹ̀, ó sì fi í gbára lé ògiri ilé ìdáná náà. Ìgbà náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbọ́ àyà aláìsàn, gbì-gbì ọmọ odó ni ó ń gbọ́. Ó lọ sí kóòtù. Oníṣúìtì ní òun ni òun kọ́kọ́ dé, ó lé ní ogún ọdún tí òun ti ń gún nǹkan níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ dáhùn pé nígbà tí kò tíì sí yàrá níbẹ̀, ariwo náà kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí náà ogún ọdún náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1879, dókítà jàre.

Ẹ ṣe àkíyèsí èyí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé “èmi ni mo kọ́kọ́ dé.” Nínú ẹjọ́ yìí, wíwà níbẹ̀ ṣáájú kò gba oníṣúìtì là.

Ohun tí Coase rí ni pé ìdájọ́ náà kò ní láti jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Dókítà ti ní ẹ̀tọ́ sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ó lè tà á. Bí iṣẹ́ odó bá mú owó wọlé fún oníṣúìtì ju iye tí dókítà yóò pàdánù tàbí tí yóò ná láti kó yàrá rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, oníṣúìtì lè sanwó fún un, kí odó máa dún lọ. Ká ní oníṣúìtì ló jàre ńkọ́? Dókítà lè sanwó fún un pé kí ó gbé odó kúrò, bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá níye lórí lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé, kí á fi owó wò ó. Kì í ṣe iye ọjà gan-an ni mo kọ síhìn-ín, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká gbà pé ẹja tí ó ń kú lọ́dún jẹ́ ₦180,000. Bí ìyá bá gbẹ́ kòtò tí omi ẹ̀gẹ́ yóò máa rì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, yóò ná an ní ₦70,000 lọ́dún. Bí ẹlẹ́ja bá gbẹ́ ojú àgbàrá yí adágún ká, tí ó sì mọ ebè gíga sí etí rẹ̀, yóò ná an ní ₦40,000. Ohun tí ó dára jù fún àwọn méjèèjì lápapọ̀ ti hàn: ojú àgbàrá ni kí a gbẹ́.

Bí ìwé ibùdó bá sọ pé ẹlẹ́ja ní ẹ̀tọ́ sí omi mímọ́, ìyá gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe. Kòtò tirẹ̀ yóò jẹ ₦70,000. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó lè tọ ẹlẹ́ja lọ pé, “Gba ₦50,000, kí o gbẹ́ ojú àgbàrá yí adágún rẹ ká.” Ẹlẹ́ja yóò ná ₦40,000, yóò jèrè ₦10,000. Ìyá náà yóò fi ₦20,000 pamọ́. Bí ìwé bá sì sọ pé ìyá ní ẹ̀tọ́ láti da omi sí gọ́tà, ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀ ni yóò ná ₦40,000, nítorí ó sàn ju kí ₦180,000 kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú méjèèjì, ojú àgbàrá kan náà ni a gbẹ́. Àpò ẹni tí owó ti jáde nìkan ni ó yàtọ̀.

Ká wá ní àpáta wà lẹ́bàá adágún, tí ojú àgbàrá yóò fi jẹ ₦90,000. Nísinsìnyí kòtò ìyá ni ó dínwó. Bí ẹlẹ́ja bá ní ẹ̀tọ́, ìyá yóò gbẹ́ kòtò rẹ̀ láìsí àrífín. Bí ìyá bá ní ẹ̀tọ́, ẹlẹ́ja yóò wá bẹ̀ ẹ́ pé, “Ìyá, ẹ gba ₦80,000, kí ẹ gbẹ́ kòtò sọ́dọ̀ yín.” Inú àwọn méjèèjì yóò dùn sí i. Ibi tí owó yóò dúró sí láàárín ₦70,000 àti ₦90,000, ọgbọ́n ìnájà wọn ni yóò sọ ọ́.

Kì í ṣe pé ẹ̀tọ́ kò já mọ́ nǹkan o. Fún ẹni tí yóò sanwó, ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Ẹlẹ́ja tí kò ní ₦80,000 lọ́wọ́ kò lè fi rà á, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ẹja òun tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń sọ fún yín pé kí ẹ mọ ohun tí ó wà nínú ìwé ilẹ̀ yín kí ẹ tó gbẹ́ adágún tàbí gbé ẹ̀rọ kalẹ̀.

Níbi tí ètò yìí ti ń kùnà, ohun àkọ́kọ́ ni àìmọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́. Bí máàpù ibùdó kò bá fi gọ́tà hàn, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbà pé òun ni yóò jàre, kò sì sí ẹni tí yóò sanwó fún ohun tí ó rò pé ó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ óò mọ̀ ọ́n bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ “tèmi ni” dípò “èló ni?” Nígbà náà, ẹ má tíì ná ọjà. Ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì ka máàpù, kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kejì ni iye ènìyàn. Ẹni méjì lè parí ọ̀rọ̀ lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ gaàrí méjìlá bá ń da omi sí ọ̀gbun kan náà, tí ogún ilé sì ń lò ó nísàlẹ̀, ta ni yóò pe gbogbo wọn jọ? Ẹnì kan yóò jókòó pa, yóò ní kí àwọn tó kù san án, òun náà yóò sáà jẹ nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò kọ̀ láti fọwọ́ sí i títí wọn yóò fi fún un ní owó tó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Àkókò àti owó ìpàdé yóò jẹ èrè ìdúnàádúrà tán. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, òfin ibùdó ni kí ó bójú tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí omi yẹn bá ń dé kànga tí àwọn ènìyàn ń pọn mu: ìyá àti ẹlẹ́ja kò lè ta ìlera ẹni tí kò sí níbi ìdúnàádúrà.

Ìbínú ni ẹ̀kẹta, a kì í sì í ka ìyẹn mọ́ ìnáwó, bẹ́ẹ̀ ìnáwó gidi ni. Ní ọdún 1999, amòfin Ward Farnsworth ní Amẹ́ríkà kọ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí 20 ẹjọ́ irú èyí tí kóòtù ti dá. Ó bi àwọn lọ́yà bóyá àwọn oníbàárà wọn dúnàádúrà lẹ́yìn ìdájọ́. Kò sí ọ̀kan nínú ogún náà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kórìíra ara wọn ju kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ owó lọ. Mo gbà á gbọ́, nítorí mo ti rí aládùúgbò méjì tí kì í kí ara wọn mọ́ nítorí ewúrẹ́ kan. Àsìkò ìdúnàádúrà ni kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù, nígbà tí “ẹ káàárọ̀ mà” ṣì ń jáde lẹ́nu.

Bí ẹ bá wá fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i: ẹni tí yóò gbẹ́, ibi tí yóò gbà, jíjìn rẹ̀, iye owó àti ọjọ́ tí a san án, àti ẹni tí yóò máa kó ẹrẹ̀ kúrò lọ́dọọdún. Ohun ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ojú àgbàrá tó bá sì dí lóṣù kẹfà yóò padà pa ẹja. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé, bí ẹnì kan bá fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ṣé àdéhùn náà yóò bá ilẹ̀ lọ tàbí yóò parí síbẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ibùdó, tí ẹ kàn ń lò ó, lílò rẹ̀ nìkan ni ẹ lè dúnàádúrà lé lórí, nítorí náà ẹ mú ẹ̀dà kan wá sí ọ́fíìsì kí á fi í sínú fáìlì ilẹ̀ ẹni méjèèjì.