Ta Ló Yẹ Kó Mọ Iyì Wúrà?

Ẹni tó bá mọ iyì wúrà là á tà á fún. Kò sí ẹni tí òwe yìí ṣókùnkùn sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yára dé ibi tí mò ń lọ. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà alágbèéká. Èmi ni mo máa ń bá ọ̀gá ibẹ̀ kọ ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà. Ìyá kan wọlé lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ ló ń sè tà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ti fi oṣù mélòó kan tu owó jọ.

Tòkunbọ̀ méjì ló wà níwájú rẹ̀, iye kan náà ni wọ́n sì ń ta méjèèjì. Ọmọkùnrin tó ń tajà kà á sí i létí bí ẹni ń pe orúkọ nínú kíláàsì: “Mà, èyí, Core i7, RAM 16, ibi ìkópamọ́ 512. Èyí, Core i5, RAM 8, ibi ìkópamọ́ 256.” Ìyá ní, “Ọmọ mi, èwo ni kò ní tètè kú mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́ bí kò bá síná?” Ọmọkùnrin náà dáhùn pé, “Mà, i7 ló ga jù.” Ìyá gbé i7. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi gbé e padà wá, tó ní kí agogo méjìlá tó lù ni ẹ̀rọ náà ti ń kú nínú kíláàsì.

Inú bí mi gan-an. Ọmọkùnrin náà kò purọ́, ìwé tó kà kò sì purọ́. Ìyá bèèrè wákàtí, wọ́n fún un ní orúkọ. Ìwé tó ń bá ẹ̀rọ jáde láti ilé-iṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí onímọ̀ ẹ̀rọ ń bá onímọ̀ ẹ̀rọ sọ. Ẹni tó ń tajà ló yẹ kó túmọ̀ rẹ̀ sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni tó rà á bá gbé e jáde.

Bátìrì ni kí a kọ́kọ́ mú. Wh ni wọ́n fi ń kọ agbára rẹ̀ sínú ìwé, ìyẹn wáàtì-wákàtí. Ẹ wò ó bí epo inú jẹnẹrétọ̀: Wh ni iye epo tó wà nínú táńkì, wáàtì tí ẹ̀rọ ń jẹ ni bó ṣe yára ń mu ún. Ẹ fi ìkejì pín ti àkọ́kọ́, wákàtí ló máa já sí. Kọ̀ǹpútà kékeré tí èèyàn fi ń tẹ ìwé lè máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 8. Bó bá jẹ́ ìpàdé orí fídíò, ó lè tó 15. Bí ilé-iṣẹ́ bá wá kọ ọ́ pé ó lè tó wákàtí 12, fídíò ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ tí wọ́n ti dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ọmọ tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé nínú kíláàsì kò lè dín ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó sì tún ríran.

Ti tòkunbọ̀ tún le sí i, nítorí bátìrì tó wà nínú ìwé kì í ṣe èyí tó kù nínú ẹ̀rọ mọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe níṣojú ìyá náà kò gba ìṣẹ́jú méjì. Wọn ì bá tẹ `cmd` síbi ìwákiri, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì kọ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Ẹ̀rọ á sọ ibi tó tọ́jú ìròyìn náà sí. Ìlà méjì péré là ń wá nínú rẹ̀. `DESIGN CAPACITY` ni agbára ọjọ́ tí bátìrì ṣì tuntun, `FULL CHARGE CAPACITY` ni agbára tó kù sí i. Mo ṣe é fún méjèèjì lọ́jọ́ tí ìyá padà wá. Ti i7: 50,000 mWh lọ́jọ́ tuntun, 24,000 báyìí. Ti i5: 45,000 lọ́jọ́ tuntun, 40,000 báyìí. Ẹ fi wáàtì 8 pín 24 Wh, wákàtí mẹ́ta. Ẹ fi pín 40 Wh, wákàtí márùn-ún. Agogo mẹ́sàn-án ni kíláàsì ọmọ náà ń bẹ̀rẹ̀, agogo méjì ló ń parí. Ìdáhùn tí ìyá ń wá nìyẹn, inú ẹ̀rọ ló sì wà látìgbà tó ti ń bèèrè. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣírò lè yọ ṣájà nígbà tí bátìrì bá kún, kó tẹ ìwé fún wákàtí kan, kó wo ìdá tó lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí 20 bá lọ, wákàtí márùn-ún náà ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí i7 yẹn. Nọ́ńbà 7 kì í ṣe iye ohunkóhun. Ohun tó tẹ̀lé e ló ń sọ̀rọ̀. Ìwé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kà pé i7-6600U. 6 tó ṣáájú túmọ̀ sí ìran kẹfà, ti ọdún 2015, apá méjì péré ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Ìkejì jẹ́ i5-1135G7. 11 ni ìran rẹ̀, ọdún 2020 ló jáde, apá mẹ́rin ló ní. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Core Ultra kò tẹ̀lé ìlànà yìí, àmọ́ wọn kò tíì pọ̀ láàárín tòkunbọ̀ tiwa. Ohun tó kan ìyá níbẹ̀ ni pé ìran kẹfà kò sí lára àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n sì parí ìtìlẹ́yìn fún Windows 10. Ẹ̀rọ náà á ṣì máa tàn. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni ọmọ náà máa lò nílé ẹ̀kọ́?

Ibi tí òwe wa ti kù díẹ̀ káàtó lójú mi nìyí. Alágbẹ̀dẹ wúrà lè fi ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ mọ wúrà. Iyì kọ̀ǹpútà wà nínú lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ẹni tó ń tà á nìkan lè kà. Bí a bá ń tà á fún ẹni tó mọ iyì rẹ̀ nìkan, ẹni tí kò mọ̀ ni gbogbo àlòkù máa wọ́ lọ sílé rẹ̀. Iyì náà kò sì dúró sójú kan: RAM 16 wúlò gidi fún ẹni tó ń ṣí ìwé ìṣirò ńláńlá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ tó ń tẹ iṣẹ́ kíláàsì kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Wọ́n bá ìyá pààrọ̀ rẹ̀. Mo wá kọ ìwé méjèèjì tuntun. Ti i5: “Ó tó bíi wákàtí márùn-ún fún ìwé títẹ̀ láìsí iná, ìpàdé orí fídíò, bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Windows 11 wà lórí rẹ̀. Kò ní gba fíìmù púpọ̀.” Irú rẹ̀ mìíràn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ti i7: “Ó dára fún ẹni tó ń jókòó síbi tí iná wà, tó ń ṣí ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì rẹ̀ ti lọ ju ìdajì. Kò sí lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11.” Ọ̀gá ní kí n yọ gbólóhùn méjì ìkẹyìn, pé á lé oníbàárà. Mo ní bí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn kọ̀wé fún wọn.

Ọkùnrin kan tó ń ṣe ìṣirò owó fún àwọn oníṣòwò ló wá ra i7 náà. Ó ní ìwé ìṣirò ńláńlá lòun máa ń ṣí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìnfátà sì wà ní ọ́fíìsì òun. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bèèrè iye tí wọ́n ń ta bátìrì tuntun, ó ní kí wọ́n yọ owó yẹn kúrò, ó sì gbé e lọ.