Owó pàjáwìrì òṣìṣẹ́: ṣé alájẹṣẹ́kù ló yẹ kó wà ni àbí báńkì?

Láti Lẹkki títí dé Ajah, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù sábà máa ń ní owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kó sì tún ní àkáǹtì ní báńkì. Bí wọ́n bá bi í léèrè ibi tí owó ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wà, alájẹṣẹ́kù ló máa ń dárúkọ, nítorí ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ti ń pọ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ń kàn án. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi owó pàjáwìrì ni pé, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà kó tó dé ọwọ́?

Ká ní òṣìṣẹ́ ilé ìtajà kan ní Ajah ń gba 150,000 náírà lóṣù, tí oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti ìnáwó ilé sì ń kó 120,000 lọ. Ó ń san 15,000 sí alájẹṣẹ́kù lóṣooṣù. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ní 360,000. Òjò oṣù keje wá wọ inú yàrá rẹ̀, ó ba ẹrù jẹ́, ó sì nílò 100,000 lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, yóò kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù, yóò wá onídùúró méjì, yóò sì dúró de ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó tó ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n jókòó, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá sì fẹ́ yọ owó tirẹ̀ gan-an, òfin ẹgbẹ́ lè ní kó kọ̀wé sílẹ̀ ní oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ó ti lọ yá owó elélé gọbọi níbòmíràn.

Onídùúró ni ohun kejì. Bí òṣìṣẹ́ yìí bá ti dúró fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó yá 300,000, tí onítọ̀hún sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsan án tán, ẹgbẹ́ lè di owó rẹ̀ mú. Nínú páásìbúùkù, 360,000 ló ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ohun tó yẹ kó bi akọ̀wé ni pé: “Èló nínú owó mi ni mo lè yọ lónìí?” Èsì yẹn ni owó pàjáwìrì rẹ̀.

Ó tún yẹ kó rántí pé owó alájẹṣẹ́kù kì í sùn sínú àpótí. Ọwọ́ àwọn tó yá a ló wà. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ibi iṣẹ́ ni, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀ náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò dé lẹ́ẹ̀kan náà láti béèrè owó. Owó oṣù dúró, owó ìpamọ́ náà dúró.

Báńkì náà lè kú o. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. Ṣùgbọ́n NDIC, àjọ tó ń dúró fún owó àwọn oníbàárà báńkì, san owó wọn títí dé 5,000,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí oṣù karùn-ún ọdún náà tó dé, 500,000 péré ni ààlà yẹn. Ìdúró NDIC kò dé ọ̀dọ̀ alájẹṣẹ́kù. Ìjọba ìpínlẹ̀ lè forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ó sì yẹ ìwé rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìlérí láti san owó tó bá sọnù.

Síbẹ̀, báńkì kì í fi owó ìpamọ́ kékeré yáni ní ìlọ́po méjì bí alájẹṣẹ́kù ti máa ń ṣe, káàdì ATM sì máa ń mú kí ìnáwó yá. Nítorí náà, kò sídìí láti fi ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì. Kí òṣìṣẹ́ ka iye ọ̀sẹ̀ tí owó ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbà kó tó jáde, kí ó sì fi ìnáwó irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí báńkì. Bó bá jẹ́ oṣù kan ààbọ̀, 180,000 ni ti òṣìṣẹ́ Ajah wa yìí. Nínú 15,000 tó ń yọ sọ́tọ̀, kí 10,000 máa lọ sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí kò ní káàdì, kí 5,000 máa lọ sí alájẹṣẹ́kù. Ní oṣù 18, 180,000 pé. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo rẹ̀ padà sí alájẹṣẹ́kù.

Ojúṣe kan wà fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù: kí ó san án fún akápò lọ́jọ́ tó yọ ọ́, kí ó sì fún òṣìṣẹ́ ní rìsíìtì. Owó tó bá fi ṣe ọjà, owó ọjọ́ ìṣòro ẹlòmíràn ló ná.