Ẹ Jẹ́ Kí Owó Ṣáájú Nínú Lẹ́tà Oṣooṣù

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dá iléeṣẹ́ kékeré sílẹ̀ ní Asata, ní Ẹnúgu, bí ẹ bá ń kọ̀wé oṣooṣù sí àwọn tó fowó dókòwò yín, ẹ fi owó ṣáájú. Ká ní mílíọ̀nù 6 náírà ló wà ní báǹkì, tí ìnáwó oṣù kan sì fi mílíọ̀nù 1.5 ju owó tó ń wọlé lọ, ẹ kọ ọ́ gbangba pé oṣù 4 ló kù. Ẹ má ka owó tí oníbàárà kàn ṣèlérí mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ìṣòro, ohun tó fà á àti ohun tí ẹ ti ṣe: “Ṣọ́ọ̀bù 40 ló ń rajà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, ó ti di 31. A pe àwọn 9 tó lọ. 6 nínú wọn ní ẹrù ń pẹ́ dé. A ti háyà kẹ̀kẹ́ kejì.”

Ẹ má pààrọ̀ òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá ka ṣọ́ọ̀bù tó ń rajà lóṣù yìí, ẹ má tìtorí pé iye wọn pọ̀ jù ka àwọn tó kàn forúkọ sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ sì tètè sọ fún wọn bí owó bá ń tán lọ: ẹni tó gbọ́ nígbà tó ku oṣù 4 ṣì lè wá nǹkan ṣe. Ẹni tó gbọ́ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.