Iṣẹ́ Tí Nǹkan Ń Ṣe Lóko Ló Ń Pinnu Àkáǹtì Rẹ̀

*Olóòtú, oko adìẹ kékeré ni mo ní ní ẹ̀yìn Ẹgbẹ́dá, adìẹ 300 tó ń yé ẹyin ló wà níbẹ̀. Lóṣooṣù ni ọmọ mi máa ń ya fọ́tò àwọn rìsíìtì mi, á wá tẹ ohun tó wà nínú wọn sínú tébù orí fóònù, ìlà kan fún nǹkan kan. Ó ní kí n sọ àkáǹtì tí ìlà kọ̀ọ̀kan máa wọ̀. Mo ní kó kó gbogbo ohun tó wá láti ilé ìtajà oúnjẹ adìẹ sábẹ́ oúnjẹ, kó kó tilé epo sábẹ́ epo, kó kó ìyókù sábẹ́ oríṣiríṣi. Ó ní kò dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? — Ìyá Aládìẹ, Ẹgbẹ́dá*

Ìyá wa, ọmọ yín ló jàre. Ilé ìtajà oúnjẹ adìẹ kan náà ló ń ta oúnjẹ, oògùn, ike omi àti kréètì, iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe lóko sì yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn sábẹ́ oúnjẹ torí pé orí bébà kan ni wọ́n wà, ẹ ó mọ ẹni tí ẹ sanwó fún, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ohun tí owó náà bá yín ṣe. Ohun tí wọ́n sì torí ẹ̀ dá àkáǹtì sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú rìsíìtì kan, ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní «LAYERS MASH 25KG» àpò 10 wà lórí ẹ̀ ní ₦14,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦140,000, «LASOTA» méjì, ₦3,000, «MULTIVITAMIN», ₦4,500, «DRINKER» mẹ́fà, ₦21,000, «PAPER CRATE» 100, ₦15,000, «DELIVERY», ₦6,000. Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦189,500. Àpò oúnjẹ wọ àkáǹtì oúnjẹ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Oògùn àjẹsára àti fítámì lọ sábẹ́ oògùn, ₦7,500. Kréètì ń bá ẹyin lọ sọ́wọ́ oníbàárà ni, nítorí náà owó ẹrù dídì ni. Ike omi á pẹ́ lóko ju oṣù kan lọ, àmọ́ owó ẹ̀ kéré, ó wọ àkáǹtì irinṣẹ́ wẹ́wẹ́. Owó ọkọ̀ ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Oúnjẹ ni ọkọ̀ náà torí ẹ̀ wá, bí kò bá sì gbé e, oúnjẹ ò lè dé ẹnu adìẹ. Ẹ fi ₦6,000 yẹn kún owó oúnjẹ, kó di ₦146,000.

Ẹ wá wo ohun tí ìpínyà yìí ń fi hàn. Adìẹ kan tó ń yé ẹyin máa ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 115 lójúmọ́. Adìẹ 300 á jẹ kílò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀, nítorí náà kílò 250 tó wà nínú àpò mẹ́wàá yẹn á gbé wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn bá ń yé lójoojúmọ́, kréètì mẹ́jọ lẹ ó máa kó lóòjọ́, 56 lọ́sẹ̀. Ẹ fi 56 pín ₦146,000: oúnjẹ tó wọ inú kréètì ẹyin kan jẹ́ nǹkan bíi ₦2,600. Àmọ́ bí ẹ bá kó gbogbo rìsíìtì náà sábẹ́ oúnjẹ, ohun tí ìwé máa sọ ni nǹkan bíi ₦3,380. Àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦780 lórí kréètì kan, irọ́ sì ni. Ẹni tó bá gba irọ́ yẹn gbọ́ á ní oúnjẹ òun ti wọ́n jù, á lọ ra èyí tí kò dáa tó o, ẹyin á sì dín kù, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kọ́ ló ṣẹ̀.

Ẹ lè ní iye owó tó jáde lápò yín ò yàtọ̀, ibi yòówù tí ẹ bá kọ ọ́ sí. Òótọ́ ni, èrè oṣù náà ò ní yí padà. Àmọ́ kì í ṣe èrè nìkan la ń wá nínú ìwé, a fẹ́ mọ ohun tó bà á jẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróò kan fò láti nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ti ya epo jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ rí ibi tí èrè ẹ̀ gbà lọ lóṣù kejì. Ẹni tó kó o mọ́ oríṣiríṣi kàn rí i pé owó ò tó mọ́ ni.

Àwọn ìlà kan tilẹ̀ wà tí kì í ṣe ìnáwó oṣù yẹn rárá, àwọn ló sì máa ń ba ìwé jẹ́ jù. Àkọ́kọ́ ni adìẹ tuntun tó máa tó yé. Ká ní ẹ ra 300 ní ₦1,500,000, tí ẹ sì retí pé ẹ ó ta wọ́n ní ₦900,000 nígbà tí wọ́n bá gbó. ₦600,000 tó kù ni iye tí wọ́n máa ná yín ní tòótọ́, ọdún kan ni wọ́n sì máa fi yé ẹyin fún yín. Ẹ kọ ₦50,000 sílẹ̀ lóṣooṣù. Bí ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ sí oṣù kan, oṣù yẹn á dà bí àdánù ńlá, oṣù mọ́kànlá tó tẹ̀ lé e á sì máa pa èrè tí kò sí. Èkejì ni ohun ilé. Bẹntiróò tí ẹ rà sínú jẹnẹrétọ̀ ilé, owó tí ẹ̀yin fúnra yín mú jáde ni, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ yín. Owó tí a ná fún iṣẹ́ nìkan ni òfin owó orí gbà ká yọ kúrò nínú èrè. Ẹ̀kẹta ni «BAL B/F». Gbèsè àtẹ̀yìnwá ni, ẹ ti kọ ọjà yẹn sílẹ̀ ní oṣù tí ẹ rà á. Bí ẹ bá tún kọ ọ́ báyìí, ẹ ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín. Kó tó pín ìlà kankan, kó ro gbogbo ìlà rìsíìtì kọ̀ọ̀kan pọ̀, kó wò ó bóyá ó bá àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀ mu. Bí àròpọ̀ tiẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́, ó ti tẹ «TOTAL» mọ́ ọjà nìyẹn. Bí ó bá fi díẹ̀ lé, kó wá ẹ̀dínwó tí kò yọ kúrò. Bí ó bá kéré, ìlà kan ti parẹ́ lórí bébà tó ṣá.

Ẹ lè ní iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù fún oko tó kéré. Kò pọ̀ tó bí ó ṣe rí. Yàtọ̀ sí ti adìẹ tuntun àti ti ohun ilé, àkáǹtì mẹ́jọ péré tó yín: oúnjẹ, oògùn, ẹrù dídì, epo àti iná, owó òṣìṣẹ́, àtúnṣe, irinṣẹ́ wẹ́wẹ́, owó báǹkì. Ohun kan náà lẹ máa ń rà lóṣooṣù, nítorí náà kí ọmọ yín kọ ìwé pélébé kan: «MASH» lọ sí oúnjẹ, «CRATE» lọ sí ẹrù dídì. Tí orúkọ àkáǹtì bá wà ní òpó C, tí owó sì wà ní D, èyí á ro oúnjẹ pọ̀ fún un:

```
=SUMIF(C:C,"Oúnjẹ",D:D)
```

Ní ti oríṣiríṣi, ẹ pa á rẹ́. Ìlà tí ẹ ò bá dá mọ̀, ẹ fi sí àkáǹtì kan tí ẹ pè ní «Ẹ bi mí», kó sì ṣófo kí ẹ tó ti ìwé oṣù. Ẹ ka àpò oúnjẹ tó kù ní ọjọ́ tó parí oṣù, ẹ yọ owó wọn kúrò nínú àkáǹtì oúnjẹ, nítorí oṣù tó ń bọ̀ ló ni wọ́n. Ní ti epo, ọ̀rọ̀ orí rìsíìtì ò lè ran ọmọ yín lọ́wọ́ níbẹ̀, torí «PMS» kan náà ni wọ́n ń kọ fún jẹnẹrétọ̀ oko, fún ọkọ̀ àti fún ilé. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ dà á sí. Ẹ fi bírò kọ oko, ọkọ̀ tàbí ilé sẹ́yìn rìsíìtì ní ilé epo, kí ẹ tó fi sápò.