Kí Ló Dé Tó Jẹ́ Àwọn Obìnrin Wọ̀nyí Lo Yàn?

Ìbéèrè: Ìwádìí mi dá lórí bí àwọn obìnrin abúlé tó ń ṣe gàrí ṣe ń san owó tí wọ́n yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Mo kọ ọ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn wọ́n "nítorí pé wọ́n mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa." Alábòójútó mi ní kò tó.

Ìdáhùn: Òótọ́ ló sọ. Ìwádìí wo ni gbólóhùn yẹn kò bá mu? Ohun tí ò ń wá ni kó pinnu ẹni tí o yàn. Kọ ọ́ báyìí: "Mo yan obìnrin tó ti lo ọdún 2, ó kéré tán, nínú ẹgbẹ́, tó sì ti yá owó rí, nítorí ẹni tí kò yá owó rí kò lè sọ bí sísan rẹ̀ ṣe rí. Mo fi àwọn tó ṣì jẹ gbèsè kún un, kí n má baà gbọ́ tẹnu àwọn tó ti san tán nìkan."

Sọ ẹni tó júwe wọn fún ọ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ìyá alága ẹgbẹ́ ni, kì í sábà dárúkọ onígbèsè (ta ni yóò ta ẹgbẹ́ rẹ̀ lábùkù?), nítorí náà, gba àṣẹ kí o fi ìwé owó-yíyá akọ̀wé yẹ orúkọ wọn wò. Má sì ṣe ka ọ̀rọ̀ wọn sí ti gbogbo obìnrin ìgbèríko. Irú àwọn tí o yàn nìkan ni àbájáde rẹ lè ṣàlàyé.